“Mo kàn ń tajà ni”: bí ọdún tí a fi ṣòwò ṣe lè dúró lórí ìwé ìwáṣẹ́

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Tí iṣẹ́ bá yọ nílé ìwé, ní òtẹ́ẹ̀lì tàbí ní ilé ìkẹ́rùsí kan nínú Pọ́tákọ́ọ̀tù yìí, tí a sì ní kí àwọn èèyàn wa gbé ìwé ìwáṣẹ́ wọn wá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní sífíì, ohun tí a sábà máa ń rí nìyí: ilé ìwé tí wọ́n lọ, ọdún tí wọ́n jáde, ọdún àgùnbánirọ̀, lẹ́yìn náà ìwé á dákẹ́. Ọdún mẹ́fà, ọdún mẹ́jọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Tí a bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n á ní: “Kò sí o, mo kàn ń tajà ni.” Àwọn mìíràn á gba òdìkejì lọ. Wọ́n á kọ “Síìíò” sórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀bù oníkáńtà kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lójú tiwa, àwọn méjèèjì ń ṣe ara wọn níkà. Ẹni tó dákẹ́ sọ iṣẹ́ gidi di àlàfo. Ẹni tó kọ Síìíò sọ iṣẹ́ gidi di àwàdà. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: òwò kékeré jẹ́ ìrírí iṣẹ́ bí iṣẹ́ oṣù ṣe jẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò lè dúró lórí ìwé bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ẹni tó ṣe é nìkan ló ń jẹ́rìí sí i. Ẹni tó ṣiṣẹ́ oṣù ní ọ̀gá tó lè jẹ́rìí fún un. Àwa tí a jẹ́ ọ̀gá ara wa gbọ́dọ̀ wá ẹlẹ́rìí síbòmíràn.

Kì í ṣe pé àwa tí a ń ṣe tiwa kéré níye o. Nínú ìwádìí tí àjọ NBS ti ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí iṣẹ́ ní ìdá kẹta ọdún 2023, nínú gbogbo 100 èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 87 ló jẹ́ pé iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tó jókòó sẹ́yìn tábìlì tó ń ka sífíì yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òwò ni ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ. Kò kórìíra òwò. Ohun tó ń rò ni pé: ṣé òótọ́ ni? Báwo ni iṣẹ́ náà ṣe tó? Kí ló kọ́ níbẹ̀ tó lè wúlò fún mi? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni sífíì gbọ́dọ̀ dáhùn kí ó tó bèèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀ lé e dé òpin. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan nínú wa ní ìwé ẹ̀rí OND, ó ta èlùbọ́, ẹ̀wà àti gàrí ní Eneka láti oṣù kẹta ọdún 2018 títí di oṣù kẹfà ọdún 2024. Èlùbọ́ rẹ̀ ń wá láti Ṣakí ní Òkè-Ògùn. Ẹ̀wà rẹ̀, ọjà Ọ́ìlì Míìlì ló ti ń rà á ní ọjọ́rúu. Ó ń wá iṣẹ́ sítóòkípà báyìí, ìyẹn ẹni tó ń tọ́jú ẹrù, ní òtẹ́ẹ̀lì kan. Nínú sífíì rẹ̀ àkọ́kọ́, ìlà kan péré ló kọ nípa ọdún mẹ́fà yẹn: “Oníṣòwò, 2018 di ìsinsìnyí.” Kí ni òtẹ́ẹ̀lì lè fi ìyẹn ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó ṣe ni kó kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń wá, kó tó wo òwò tó ṣe. Sítóòkípà máa ń gba ẹrù wọlé, á kà á, á fi wé ìwé ẹrù tí awakọ̀ mú wá, èyí tí a ń pè ní wébíìlì. Á kọ ọ́ sórí káàdì ọjà, á fi ẹrù fún ilé ìdáná bí wọ́n ṣe bèèrè, á mọ ìgbà tí ọjà ń lọ tán kó lè sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n ra òmíràn, kò sì ní jẹ́ kí kòkòrò tàbí olè jẹ ẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: èwo nínú èyí ni obìnrin wa kò ṣe fún ọdún mẹ́fà? Gbogbo rẹ̀ ló ṣe. Kò kàn mọ̀ pé orúkọ tí wọ́n ń pè é lọ́fíìsì nìyẹn ni.

Ohun kejì ni iye. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Tí ẹ bá sọ fún oníṣòwò pé kó fi iye gbe iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, náírà ló máa kọ́kọ́ sá bá. “Mo sọ ọjà mi di ìlọ́po méjì.” Ṣùgbọ́n náírà tí a ń ná kì í dúró lójú kan. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, àti oṣù kẹfà ọdún yẹn kan náà tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó máa wá iye tirẹ̀ lọ́jà, iye owó oúnjẹ ti fò kọjá ohun tí a mọ̀. Ẹ gbọ́ ìṣirò yìí, tí a kàn fi ṣe àkàwé. Tí ẹ bá ta àpò 10 lóṣù kan ní ₦30,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦300,000 wọlé. Tí ẹ bá ta àpò 7 lóṣù míì ní ₦70,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦490,000 wọlé. Náírà lọ sókè, ọjà lọ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ sí sífíì pé òwò òun fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lọ́dún yẹn, ẹni tó gbọ́n nídìí tábìlì mọ̀ pé ọjà ló gbówó lórí. Ó tún lè máa bi ara rẹ̀ pé ṣé ẹni yìí mọ ìyàtọ̀ láàárín owó tó wọlé àti èrè tó kù.

Nítorí náà, ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ ka àpò, ẹ má ka náírà. Ẹ ka páálí, ẹ ka ìgò, ẹ ka aṣọ tí ẹ rán, orí tí ẹ dì, ọkọ̀ tí ẹ tún ṣe. Iye bẹ́ẹ̀ kì í wú nígbà tí owó bá wú. Ó tún bo àṣírí yín, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá ka sífíì ló yẹ kó mọ iye tó ń wọ àpò yín.

Báwo wá ni obìnrin wa ṣe máa rí iye àpò ọdún mẹ́fà sẹ́yìn? Kò gbọ́dọ̀ méfò. Ó lọ kó ìwé jọ. Ìwé àwìn rẹ̀ wà. Wébíìlì àwọn awakọ̀ tó kó èlùbọ́ wá wà nínú àpò ìwé kan lábẹ́ káńtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn ti sọnù. Àláàtì owó tó fi ránṣẹ́ sí Ṣakí wà lọ́dọ̀ báńkì. Ó mú ọdún kan tí ìwé rẹ̀ pé, ìyẹn 2019, ó rí i pé ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni ẹrù ń wọlé, àpò 4 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ́dún nìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ àpò 104. Ó mú 2023 náà, ó rí i pé àpò 10 ni lẹ́ẹ̀kan, èyí tó jẹ́ àpò 260 lọ́dún. Kò kọ iye sí àwọn ọdún tí ìwé rẹ̀ kò pé. Ọdún méjì tó ní ẹ̀rí dára ju mẹ́fà tó jẹ́ àfojúdá lọ.

Ó tún wo ohun tó bà jẹ́. Ní 2019, kòkòrò ba àpò 5 jẹ́ nínú 104, nítorí pé ibi tó bá ti rọrùn ló ń to ẹrù tuntun sí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ tí àpò wọlé sára àpò, tó sì rí i pé èyí tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde, àpò 3 péré ló bà jẹ́ ní 2023 nínú 260. Ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìlà yẹn dáadáa. Òun ló lágbára jù nínú gbogbo sífíì rẹ̀, nítorí ó sọ ìṣòro, ó sọ ohun tó ṣe sí i, ó sì sọ bó ṣe yọrí. Òtẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ìrẹsì àti ẹran nù lóṣooṣù máa dákẹ́ níbẹ̀, á kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kẹta ni orúkọ tí a fún ara wa. Ẹ má kọ Síìíò. Orúkọ yẹn jẹ́ ti ẹni tí àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ gbà síṣẹ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má sì kọ “mo ń ran ara mi lọ́wọ́.” Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ́: ẹni tó ni ilé ìtajà, tó sì ń bójú tó o. Èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ sífíì yín, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ obìnrin wa ṣe rí nínú èdè wa nìyí:

“Olóhun àti alábòójútó ilé ìtajà oúnjẹ, Eneka, oṣù kẹta 2018 sí oṣù kẹfà 2024. Mo forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC ní 2021.

Mo ra èlùbọ́ (ìyẹ̀fun iṣu gbígbẹ), ẹ̀wà àti gàrí lọ́wọ́ alájàpá mẹ́rin. Èlùbọ́ tí mo gbà wọlé jẹ́ àpò 104 ní 2019, ó di 260 ní 2023.

Mo ka ẹrù kọ̀ọ̀kan, mo sì fi wé wébíìlì kí n tó sanwó ọkọ̀ tó kù.

Mo dín èlùbọ́ tó ń bà jẹ́ kù láti àpò 5 nínú 104 sí àpò 3 nínú 260, nípa kíkọ ọjọ́ sára àpò àti títa èyí tó pẹ́ jù ṣáájú.

Mo kọ́ ọmọ iṣẹ́ méjì ní kíka ọjà àti kíkọ ìwé lálaalẹ́.”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé ó túmọ̀ èlùbọ́. Ìlú onílùú la wà, ẹni tó ń kà á lè jẹ́ ọmọ Ikwerre tàbí ọmọ Kalabari tí kò mọ èlùbọ́ rí. Ẹ má jẹ́ kó máa rò ó.

Iṣẹ́ tí ẹ ń wá ló ń sọ ìlà tí yóò wà lókè. Ká ní ilé iṣẹ́ tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó ni obìnrin wa ń kọ̀wé sí, tí wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa gba gbèsè, ọ̀rọ̀ àpò á lọ sísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ àwìn á bọ́ sókè. Ìwé àwìn rẹ̀ fi hàn pé ní 2022 ó tajà ₦600,000 láwìn, ó sì gba ₦564,000 padà láàárín oṣù mẹ́ta. Nínú gbogbo ₦100 tó fi síta, ₦94 padà wálé. Níbí, náírà wúlò, nítorí ọdún kan náà àti owó kan náà là ń fi wéra. Ẹni tó ti bá àwọn aládùúgbò ṣe àwìn ní Eneka tó sì rí owó rẹ̀ gbà láìjà mọ nǹkan tí wọn kì í kọ́ni nílé ìwé.

Ó wá ku ẹlẹ́rìí. Mẹ́ta ló yẹ kó wà, kí ìkan má bàa sọ̀rọ̀ láìsí pé èkejì gbè é lẹ́sẹ̀: ìwé tiyín, ìwé báńkì, àti ẹnu ẹlòmíràn.

Ìwé tiyín ni ìwé àwìn, wébíìlì, rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù, àti káàdì àjọ. Ẹ má fojú kéré káàdì àjọ o. Káàdì tí alájọ ti fàmì sí lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta ń sọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ṣọ́ọ̀bù àti ọjọ́ tí ẹ kò ṣí, ọwọ́ ẹlòmíràn ló sì kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ kọ ìwé ọdún mẹ́fà tuntun. Ó máa ń hàn. Bírò kan náà látòkè délẹ̀, kò sí àbàwọ́n òróró, kò sí ibi tí a ti fagi lé nǹkan, gbogbo iye ló parí sí òdo, Ọjọ́ Kérésì pàápàá tajà. Ìwé gidi máa ń dọ̀tí, ìdọ̀tí yẹn sì wà lára ẹ̀rí.

Ìwé báńkì ni sítétímẹ́ǹtì. Ìyà tó ń jẹ wá níbẹ̀ ni pé àkáǹtì kan náà la fi ń gba owó ọjà, owó ilé ìwé ọmọ àti owó ìnáwó ìdílé. Ẹni tó bá wò ó kò ní mọ èwo ni òwò. Fún ọjọ́ iwájú, ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn fún òwò lónìí, kí owó ọjà nìkan máa gba ibẹ̀ kọjá. Fún èyí tó ti kọjá, ẹ gba sítétímẹ́ǹtì ọdún kan, kí ẹ fi bírò aláwọ̀ sàmì sí gbogbo tánsífà tó lọ sọ́dọ̀ alájàpá yín. Tí orúkọ kan náà ní Ṣakí bá ń jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ẹni tí kò tíì gbọ́ orúkọ Ṣakí rí máa mọ̀ pé òwò ń lọ. Láti ìgbà ọ̀wọ́n owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí gbogbo ọjà di tánsífà àti POS, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ tí a kò rántí. Ẹ má kó sítétímẹ́ǹtì mọ́ sífíì fi ránṣẹ́ o. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì, kó di ìgbà tí wọ́n bá bèèrè.

Ìwé CAC náà wà lára èyí. Fíforúkọ òwò sílẹ̀ dára, nítorí ẹnikẹ́ni lè wá orúkọ náà lórí ìkànnì CAC kó sì rí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ ló máa wà lórí ìwé, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tajà, kò sì sí bí a ṣe lè fà á sẹ́yìn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 tó sì forúkọ sílẹ̀ ní 2021 kò ṣẹ̀. Kó kọ ọjọ́ méjèèjì gẹ́gẹ́ bí obìnrin wa ti ṣe. Ẹni tó fi ọ̀kan pamọ́ ló ń dá ìfura sílẹ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n bá wò ó lórí ìkànnì, wọ́n á rò pé irọ́ ni ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹlẹ́rìí kẹta ni ẹnu ẹlòmíràn. Ọkọ yín kọ́ o, àbúrò yín kọ́, ẹni tí ẹ jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà kọ́. Ẹni tó bá yín ná owó ni: alájàpá tó ń gbé ẹrù fún yín, ilé ìwé tó ń ra gàrí lọ́wọ́ yín, lándílọ́ọ̀dù tó ń gba owó ṣọ́ọ̀bù, alájọ, ìyálọ́jà. Ó yẹ kí àwa tí a wá láti ọ̀nà jíjìn fi kún un pé kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ibí. Bí gbogbo ẹlẹ́rìí bá wà ní Ìbàdàn àti Ṣakí, agbanisíṣẹ́ Pọ́tà máa rò pé ibẹ̀ ni òwò náà wà. Lándílọ́ọ̀dù ọmọ Eneka tó lè sọ pé “ọdún mẹ́fà ló lò nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kò jẹ mí lówó rí” ti parí iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó kọ lẹ́tà ṣókí: ọjọ́, ohun tí ẹ ṣe pọ̀, láti ìgbà wo títí di ìgbà wo, nọ́ńbà fóònù, ìbuwọ́lùwé. Kí ẹ sì sọ fún un kí ìpè tó wọlé. Ẹlẹ́rìí tó bá gbé fóònù tó ní “èwo nínú wọn?” ti ba nǹkan jẹ́.

Kí ló dé tí a fi ń tẹnu mọ́ ẹnu ẹlòmíràn tó báyìí? Nítorí pé ó ti di àṣà wa láti sáré lọ sí kóòtù, ká búra, ká gba àfidéfíìtì pé a ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́. Àfidéfíìtì wúlò fún orúkọ àti ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n níbi ìrírí iṣẹ́, ẹnu yín kan náà ni, kóòtù kàn lu òǹtẹ̀ lù ú ni. Àwọn tí ọmọ wọn ń wá ọ̀nà Kánádà nínú wa á mọ̀ ọ́n. Ìjọba Kánádà gba iṣẹ́ aládàáni ní òkèèrè gẹ́gẹ́ bí ìrírí nínú ètò tí wọ́n fi ń mú àwọn òṣìṣẹ́ onímọ̀ṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rí pé òwò náà jẹ́ tiyín, ẹ̀rí owó tó ń wọlé, àti ìwé láti ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn tó sọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe àti bí wọ́n ṣe sanwó ni àwọn fẹ́. Àlàyé tí ẹni náà kọ nípa ara rẹ̀, tàbí àfidéfíìtì, wọn kò gbà á. Òtẹ́ẹ̀lì Pọ́tà kò ní le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ń wá.

Tí wọ́n bá wá pè yín láti bá yín sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan wà tó dájú: “Kí ló dé tí ẹ fi fẹ́ fi òwò yín sílẹ̀?” Ẹ má sọ pé òwò ń lọ dáadáa, pé ẹ kàn fẹ́ràn òtẹ́ẹ̀lì wọn ni. Kò ní wọ̀ wọ́n létí. Ẹ sọ òótọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: owó ọkọ̀ láti Ṣakí ti jẹ owó tí mo fi ń ra ẹrù, mo sì fẹ́ iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń wọlé lóṣooṣù. Ìyẹn kò dójú ti ẹnikẹ́ni, gbogbo wọn ló mọ iye epo.

Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù mìíràn wà tí wọn kì í sọ síta. Wọ́n ń rò pé oníṣòwò máa ta ọjà tirẹ̀ nínú sítóò wọn, tàbí kó máa darí ìrajà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Tí ṣọ́ọ̀bù yín bá ti tì, ẹ sọ oṣù tí ó tì. Tí ó bá ṣì wà, ẹ sọ ẹni tó ń bójú tó o, kí ẹ sì sọ kí wọ́n tó bèèrè pé ẹ kò ní ta ohunkóhun fún ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá pa á mọ́ tí wọ́n wá gbọ́ ọ lẹ́yìn oṣù kan, ìrírí ọdún mẹ́fà yẹn kan náà ni wọ́n máa fi lé e lọ.

A ò ní purọ́ fún yín o: ibì kan wà tí gbogbo èyí kò dé. Iṣẹ́ tí òfin ti sọ ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó máa ṣe é gbọ́dọ̀ ní, òwò kò lè dí i. Ẹni tó ta oògùn fún ọdún 10 kò di apòògùn. Ilé iṣẹ́ ńlá tí kọ̀ǹpútà ń ṣa sífíì fún pẹ̀lú lè yọ yín dànù kí èèyàn tó rí i. Fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, bíi wẹ́dà, iná mànàmáná, ẹlẹ́rọ omi, káfíńtà, ọ̀nà mìíràn wà. Ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ máa ń ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní Tíréèdì Tẹ́ẹ̀sì, láti ipele 3 dé ipele 1. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tó sì ṣe fríìdọ̀mù, kó gba ìdánwò yẹn lé e lórí. Ìwé fríìdọ̀mù ń sọ ẹni tó kọ́ yín, ìdánwò yẹn ń sọ ohun tí ẹ lè ṣe.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kódà bí ẹ kò bá wáṣẹ́ rárá, kò pọ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lálaalẹ́, kí ẹ tó ti ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin: ọjọ́, iye tó wọlé nínú ẹrù, iye tó jáde, iye tó bà jẹ́ tàbí tó lọ láwìn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọdún kan sí i, ẹ ó ní ìwé tí kò sí ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó lè kọ irú rẹ̀ fún yín, ọjọ́ tí ẹnìkan bá sì bèèrè ohun tí ẹ ń ṣe ní Eneka láti ọjọ́ yìí, ìwé ni ẹ ó ṣí fún un.